Bí A Ṣe Ń Kọ Kéèsì-Sítọ́dì Ọmọ Kan Tí Ìwé Kíkà Ń Ni Lára

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe máa ń bi mí jù ni èyí: “Anti, mo ti rí ọmọ tí kò mọ̀wé kà. Kí ni kí n wá kọ nípa rẹ̀?” Bí mo bá ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ti kọ hàn mí, ojú ìwé mẹ́wàá ni mo máa ń bá nípa iṣẹ́ bàbá, iye ìyàwó ilé, àti bí ọmọ ṣe ń múra wá síléèwé. Ohun tí ọmọ náà kà, àti bó ṣe kà á, kì í ju ìlà kan lọ: “Kò lè kàwé dáadáa.” Ìlà kan yẹn gan-an ló yẹ kó gba ìdajì iṣẹ́ yín.

Ọmọ tí màá fi ṣe àpẹẹrẹ ni mo pè ní Àkànní. Ọmọ ọdún 9 ni, ó wà ní kíláàsì kẹrin ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan n'Ìbàdàn. Ẹ má wá a kiri o. Ara ọmọ bíi mẹ́rin tí mo ti bá jókòó ni mo ti ṣà á jọ, nọ́ńbà tí màá fún yín sì wà fún kí ẹ lè rí bí a ṣe ń ṣírò.

## Ìwé àṣẹ kọ́kọ́

Ẹ má fi ọmọ kankan jókòó kí nǹkan wọ̀nyí tó pé lọ́wọ́ yín:

- lẹ́tà láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín sí ọ̀gá iléèwé ọmọ náà
- ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́, tí wọ́n fọwọ́ sí lẹ́yìn tí ẹ ti ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́
- ìyọ̀ǹda lọ́tọ̀ fún ohùn tí ẹ fẹ́ fi fóònù gbà sílẹ̀
- ọ̀rọ̀ ọmọ náà fúnra rẹ̀: “Ṣé wàá bá mi kàwé díẹ̀? Bó bá sú ọ, sọ fún mi, a ó dúró.”

Orúkọ tí ẹ fi bo ọmọ náà láṣìírí ni kí ẹ lò láti ọjọ́ àkọ́kọ́, títí kan inú ìwé àjákọ yín. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ orúkọ gidi sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó ní òun á pààrọ̀ rẹ̀ níkẹyìn. Ó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ tán, ó gbàgbé pé àwòrán ìwé ọmọ náà tóun fi sẹ́yìn iṣẹ́ ní orúkọ àti kíláàsì lókè gàdàgbà. Ẹ tún ṣọ́ra pẹ̀lú orúkọ iléèwé. “Iléèwé ìjọba kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kan n'Ìbàdàn” ti tó.

## Ọmọ wo ni kí ẹ mú?

Bí ẹ bá ní kí olùkọ́ kíláàsì yan ọmọ fún yín, ọmọ tó ń dà á láàmú jù ló máa fà lé yín lọ́wọ́. Ìyẹn lè jẹ́ ọmọ tó kàn ń ṣe ìjàngbọ̀n. Ẹ ní kó fún yín ní ọmọ mẹ́ta tí ìwé kíkà ń ni lára, kí ẹ wá yan ọ̀kan nínú wọn. Ẹ yan ọmọ tó ń wá síléèwé déédéé, tó ń sọ èdè tí ẹ̀yin náà gbọ́ yékéyéké, tí òbí rẹ̀ sì ṣe é rí. Ẹ má mú ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ ò ní lè kọ òtítọ́ nípa ilé tí ẹ ti ń jẹun.

Ọmọ kíláàsì kẹta sí ìkarùn-ún ló dára jù. Ọmọ kíláàsì kìíní tí kò tíì mọ̀wé kà lè jẹ́ pé àsìkò rẹ̀ ni kò tíì tó.

## Ojú, etí, ilé

Kí ẹ tó sọ pé ìwé kíkà ló ṣòro, ẹ wò ó bóyá ọmọ náà ríran, bóyá ó sì gbọ́ràn. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí kò ti lè rí ẹnu yín, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kó sì tún un sọ. Ẹ wò ó bóyá ó ń sún mọ́ pátákó, bóyá ó ń dijú kan, bóyá ó ń fi ìwé kanmú. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ kọ. Bí nǹkan kan bá fu yín lára, ẹ bá òbí sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ ojú àti etí wò, kí ẹ sì dúró de èsì kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé gíláàsì ló nílò, ẹ̀yin àti olùkọ́ yín ni yóò pinnu bóyá kí ẹ wá ọmọ mìíràn.

Nílé, ìbéèrè mẹ́rin péré ni mo máa ń rí i pé ó so èso:

1. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ṣé ó pẹ́ ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ?
2. Ṣé etí rẹ̀ ti ṣe ọyún rí, tàbí àìsàn kan ti dá a dúró nílé pẹ́?
3. Iléèwé mélòó ló ti lọ, èdè wo ni wọ́n sì fi kọ́ ọ ní ìwé kíkà níbẹ̀?
4. Ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí tí ìwé kíkà le fún bẹ́ẹ̀?

Ẹ má fi ìkẹrin ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìyá lè rò pé ẹ ń bú ìdílé ọkọ òun. Ìkẹta ni a ti rí ohun tó ṣe pàtàkì jù nípa Àkànní. Ìyá rẹ̀ ní: “Iléèwé aládàáni ló wà tẹ́lẹ̀, ABC ni wọ́n ń kọ́ wọn. Owó ni ò sí mọ́ tá a fi gbé e wá síbí ní kíláàsì kẹta. Àwọn tibí ti ka a-b-d tán kó tó dé.” Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ míì á sọ fún yín pé, “Olódo ni.” Ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé ohun tí ẹ rí nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lójú ọmọ náà, nítorí ó lè jẹ́ ara ìdí tí kì í fi fẹ́ ya ẹnu rẹ̀ bí wọ́n bá ní kó kàwé.

## Ọjọ́ tí ọmọ máa kàwé

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ pín in sí ọjọ́ mẹ́ta, kí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú 20 lọ.

Ọjọ́ kìíní: kíkà sókè

1. Ẹ kọ ìtàn kékeré kan, nǹkan bí ẹyọ ọ̀rọ̀ 50, kó rọrùn ní kíláàsì méjì ju ti ọmọ náà lọ. Ẹ fi àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí i pátá.
2. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá fún ọmọ, kí ẹ mú ẹ̀dà tiyín lọ́wọ́.
3. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti lè máa yọjú.
4. Ẹ tẹ aago fóònù bó bá ti la ẹnu.
5. Ọ̀rọ̀ tó kà re, ẹ fa ìlà kékeré sí i lórí. Èyí tó ṣì kà, ẹ kọ ohun tó pè gan-an sókè rẹ̀. Èyí tó fò, ẹ yí òbìrí ká a.
6. Bó bá dúró lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún nínú ọkàn yín, kí ẹ tó pè é fún un. Ẹ kọ P síbẹ̀.
7. Bó bá ṣì í tó sì fúnra rẹ̀ tún un ṣe, ẹ kọ T síbẹ̀. A kì í ka ìyẹn mọ́ àṣìṣe.
8. Bó bá kà á tán, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ bi í ní ìbéèrè àkàyé márùn-ún.

Ìtàn tí Àkànní kà nìyí:

> Bọ́lá jí ní kùtùkùtù. Ó gbé garawa, ó lọ pọn omi ní odò. Ẹja kékeré kan wọ inú garawa náà. Bọ́lá rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó da ẹja náà padà sí odò. Nígbà tí ó dé ilé, ìyá rẹ̀ bi í pé, “Kí ló dé tí o fi pẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Ẹyọ ọ̀rọ̀ 50 ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí:

| Ohun tó wà nínú ìwé | Ohun tí Àkànní ṣe |
|---|---|
| kùtùkùtù | ó dákẹ́, mo pè é fún un |
| gbé | “bé” |
| pọn | “pọ” |
| ẹja (àkọ́kọ́) | “eja”, ó sì tún un ṣe: “ẹja” |
| wọ | “wo” |
| rẹ́rìn-ín | “rẹ́rí” |
| odò (ìkejì) | “odó” |
| Nígbà | “Níbà” |
| bẹ́ẹ̀ | ó fò ó |

Àṣìṣe jẹ́ 8, nítorí a ò ka ẹja mọ́ ọn. Ó ka ọ̀rọ̀ 42 re: 42 ÷ 50 × 100 = 84. Ó gbà á ní ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá 20, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 140: 42 × 60 ÷ 140 = 18. Ọ̀rọ̀ 18 ló ń kà re ní ìṣẹ́jú kan.

Nínú ọ̀nà àkọsílẹ̀ tí Marie Clay, ará Niu Sílándì, gbé kalẹ̀, 95 nínú ọgọ́rùn-ún sókè túmọ̀ sí pé ìwé náà rọrùn fún ọmọ, 90 sí 94 túmọ̀ sí pé ó lè kà á bí olùkọ́ bá ń ràn án lọ́wọ́, ohun tó bá sì rẹlẹ̀ sí 90 ti le jù fún un. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ yín pé atọ́nà lásán lẹ mú un fún Yorùbá.

Ẹ ṣọ́ ohun kan níbi kíkà àṣìṣe. Ẹnu ọmọ yàtọ̀ sí ìwé kíkà rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn tó rí ṣ tó sì pè é bíi s lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń pè é nílé nìyẹn. Ẹ fi ṣíbí gidi hàn án, kí ẹ ní, “Kí nìyí?” Bó bá ní “síbí”, a jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni, ẹ má kà á mọ́ àṣìṣe. Bó bá pe ti ọwọ́ yín ní “ṣíbí” ṣùgbọ́n tó ka tinú ìwé ní “síbí”, àṣìṣe ìwé kíkà nìyẹn. Bákan náà ni ti Gẹ̀ẹ́sì: ọmọ tó ka “tree” bíi “tirí” ti kà á re.

Ọjọ́ kejì: gbígbọ́

Ẹ wá ìtàn mìíràn tó gùn tó ti àkọ́kọ́, tí kò sì le jù ú lọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ kà á fún ọmọ, kí ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún. Nínú èyí tó fúnra rẹ̀ kà, ìbéèrè 1 ni Àkànní dáhùn. Nínú èyí tí mo kà fún un, ó dáhùn gbogbo 5, ó sì tún fi tirẹ̀ kún un: ó ní bó bá jẹ́ òun ni, òun á sun ẹja náà jẹ.

Àlàfo 1 sí 5 yìí ni mo ní kí ẹ kọ sí ojú ìwé kan tó dá dúró. Ní 1986, Gough àti Tunmer sọ ọ́ pé àkàyé ohun tí a kà jẹ́ ìsọdipúpọ̀ nǹkan méjì: mímọ bí a ṣe ń pe ohun tó wà nínú ìwé, àti gbígbọ́ èdè náà yé. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, gbogbo rẹ̀ di òdo. Àkànní gbọ́ Yorùbá yé ketekete. Pípe ohun tó wà nínú ìwé ló ń dá a dúró. Bó bá jẹ́ pé ó kùnà nínú gbígbọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà ti di ti èdè, ibòmíì ni ìwádìí yín yóò gbà.

Ọjọ́ kẹta: ìró àti ọ̀rọ̀ tí kò sí

Láìsí ìwé, ẹ ní kó pàtẹ́wọ́ fún sílébù: ga-ra-wa, ẹ̀ẹ̀mẹta. Àkànní gba 9 nínú 10. Ẹ wá bi í ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: “Kí lo kọ́kọ́ gbọ́ nínú *bàtà*?” Níbí, ó gba 3 nínú 10, “bà” ló máa ń sọ, kò lè yọ b kúrò lára à. Ẹ má bẹ̀rù ìyẹn jù, nítorí sílébù ló kọ́kọ́ máa ń yé ọmọ Yorùbá kó tó kan ìró ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí kò nítumọ̀, bíi *fúbẹ* àti *ṣàlu*, kí ẹ lè mọ̀ bóyá lẹ́tà ló ń kà tàbí ó ń rántí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀. Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ náà sétí ẹlòmíì kí ẹ tó lò wọ́n. Nígbà kan mo kọ *dugbẹ* sínú tèmi, mo rò pé mo ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín: “Dùgbẹ̀ ni, Anti! Ibẹ̀ la ti máa ń wọ mọ́tò.”

## Kí ni àṣìṣe náà ń sọ?

Ẹ má fi tábìlì sílẹ̀ lásán kí ẹ sì fò sí orí tó kàn. Ẹ tú àṣìṣe sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́. Nínú 8 ti Àkànní, 2 jẹ́ ti gb, 2 jẹ́ ti fáwẹ́lì àránmúpè (ọn, in), 1 jẹ́ ti àmì abẹ́ lẹ́tà, 1 jẹ́ ti ohùn, 1 jẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn tí kò gbìyànjú rẹ̀, 1 ni ó fò.

Ẹ wò ó báyìí: gb, ọn àti ẹ̀ka wọn ni ohun tí kò sí nínú ABC. Ọmọ tó fi ọdún méjì kọ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò tíì pàdé gb gẹ́gẹ́ bí ìró kan ṣoṣo, ó sì lè rò pé kíkán inki ni àmì tó wà lábẹ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àti tábìlì yìí ń tọ́ka sí ibì kan náà. Ohun tí a kò tíì kọ́ ọ ló ń ṣì.

*Odó* ni mo rò lé lórí jù. Ó ka pé Bọ́lá da ẹja padà sínú odó, kò sì dúró. Ọmọ tó ń tẹ̀lé ìtumọ̀ á dúró, nítorí wọn kì í da ẹja sínú odó. Lórí *ẹja*, ó dúró ó sì tún un ṣe. Níparí ìtàn ó ti rẹ̀ ẹ́, gbogbo agbára rẹ̀ ti lọ sórí lẹ́tà. Ẹ kọ irú nǹkan báyìí. Olùkọ́ tó ń máàkì yóò mọ̀ pé ẹ jókòó ti ọmọ náà lóòótọ́.

Ìkìlọ̀: Ẹ má kọ pé “ọmọ yìí ní dìsìlẹ́síà.” Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní àṣẹ láti sọ ọ́. Ìwé DSM-5 pàápàá, tí àwọn onímọ̀ ọpọlọ Amẹ́ríkà ń lò, sọ pé ìṣòro náà gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù 6 ó kéré tán, pẹ̀lú pé wọ́n ti ń ran ọmọ lọ́wọ́ lórí rẹ̀ gan-an. Ta ló ti ran Àkànní lọ́wọ́ lórí gb rí? Ohun tí ẹ lè kọ ni: “Àwọn àmì wọ̀nyí wà, mo kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, èyí ni bó ṣe gbà á.”

## Ẹ kọ́ ọ, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ń bèèrè èyí, ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ ṣe é, òun ló ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọmọ tí a kò kọ́ àti ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè wọ̀.

1. Ẹ mú ohun kan tàbí méjì péré. Ti Àkànní jẹ́ gb àti fáwẹ́lì àránmúpè. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ohùn sílẹ̀.
2. Ẹ kọ sílébù 20 sórí ìwé kan. Kí ẹ tó kọ́ ọ ní ohunkóhun, ẹ jẹ́ kó kà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àkànní gba 7, 8, 7. Ibi tó dúró sí nìyẹn.
3. Ẹ kọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 20. Ẹ gé káàdì: gba, gbe, gbẹ, gbi, gbo, gbọ, gbu, ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Ẹ gbé *gbọ* àti *bọ* síwájú rẹ̀, kó wo ẹnu yín, kó pè é, kó sì fi ìka kọ ọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sínú ọ̀rọ̀: gbọ́, ìgbọ̀nwọ́, àgbọn.
4. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó ka sílébù 20 náà, kí ẹ to wọ́n lọ́nà mìíràn kó má baà há a sórí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti Àkànní lọ báyìí: 9, 12, 14, 14, 17. Ọ̀sẹ̀ kẹrin kò lọ sókè nítorí ibà dá a dúró nílé fún ọjọ́ méjì. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tó bá ń gun òkè geerege láìsí ìdádúró máa ń mú kí olùkọ́ fura, òótọ́ sì ni ìfura rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Níkẹyìn, ẹ fún un ní ìtàn tuntun, ẹyọ ọ̀rọ̀ 50, tí ìnira rẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá tún fi ti Bọ́lá wò ó, ìrántí lẹ ń wọ̀n. Àkànní ka 46 re, ìyẹn 92, ní ìṣẹ́jú-àáyá 115. Ó di ọ̀rọ̀ 24 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú àṣìṣe 4 tó kù, 3 jẹ́ ti ohùn. Ohun tí mo kọ́ ọ dínkù, èyí tí mi ò kọ́ ọ wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ohùn sílẹ̀: ká ní gbogbo rẹ̀ ló dára lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò ní lè sọ pé káàdì ló ṣe é. Síbẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo ni, olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ sì ń kọ́ ọ lọ, nítorí náà ẹ kọ ọ́ pé “ó dà bíi pé”.

## Bí ẹ ṣe máa to iṣẹ́ náà

Ètò tí olùkọ́ yín bá fún yín ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí wọn ò bá fún yín ní ìkankan, ẹ lo èyí, fún iṣẹ́ ojú ìwé 15:

- ìdí tí ẹ fi mú ọmọ yìí, àti ìyọ̀ǹda: ojú ìwé 1
- ilé, ìlera, àti iléèwé tó ti lọ: ojú ìwé 2
- ohun tí ẹ rí nínú kíláàsì: ojú ìwé 1
- ìdánwò àti tábìlì àṣìṣe: ojú ìwé 4
- ohun tí àṣìṣe náà ń sọ: ojú ìwé 3
- ohun tí ẹ kọ́ ọ àti gíráàfù: ojú ìwé 3
- ìmọ̀ràn, àti ibi tí iṣẹ́ yín kò dé: ojú ìwé 1

Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ máa ń ní kí a fi kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ fi ohun tí ọmọ kà sílẹ̀ ní Yorùbá bó ṣe pè é, kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àmì abẹ́ lẹ́tà lè ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́ fún yín. Bí kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé bá jẹ àmì náà, “wọ” á di “wo”, tábìlì yín á wá sọ pé ọmọ ka “wo” bíi “wo”. Mo ti rí i tí akẹ́kọ̀ọ́ dúró níwájú àwọn olùkọ́ tó ń wò ó, tí kò lè ṣàlàyé àṣìṣe kan nínú tábìlì ara rẹ̀. Gboard ní bátànì Yorùbá fún fóònù. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lo fọ́ǹtì tó gba àmì Yorùbá, bíi Charis SIL. Ẹ sọ ọ́ di PDF kí ẹ tó gbé e lọ tẹ̀, kí ẹ sì tẹ ojú ìwé kan ṣoṣo wò ná.

## Àṣìṣe tí mo máa ń fi bírò pupa yí ká

- “Kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́.” Kí lẹ rí? Ẹ kọ: “Nínú ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló dojú kọ fèrèsé, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìgbà tí àwọn yòókù ń kàwé sókè.”
- Ìmọ̀ràn tó bá gbogbo ọmọ mu: “Kí ìjọba pèsè ìwé.” Ẹ kọ ti ọmọ yìí: káàdì wo, ìṣẹ́jú mélòó, ta ni yóò ṣe é.
- Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì nìkan fún ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé. Bó bá kùnà, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ìwé ni tàbí èdè.
- Bíbá ọmọ pe ọ̀rọ̀ kíákíá nítorí àánú. Kò sí ohun tí ẹ máa rí kọ.

## Bí nǹkan kò bá lọ bí ẹ ṣe rò

Bí ọmọ bá kúrò níléèwé kí ẹ tó parí, ẹ kọ ohun tí ẹ ní títí di ọjọ́ náà, kí ẹ sọ ìdí tó fi dúró. Ìdánwò ọjọ́ mẹ́ta àti ìtúpalẹ̀ rẹ̀ tó fún iṣẹ́ tó mọ́yán lórí. Bí ọmọ bá ń sọ Ẹ̀gùn tàbí Haúsá nílé, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè náà tí yóò ṣe ìdánwò gbígbọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ yan ọmọ mìíràn. Bí ìsinmi bá wọlé dé, ẹ lè bá ọmọ pàdé nílé bí òbí bá gbà, ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà kan wà nítòsí ní gbogbo ìgbà.

Bí nọ́ńbà ọmọ náà kò bá sún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tó sì ń wá déédéé, ẹ má ṣe tún un kọ kó lè dùn ún wò. Kókó iṣẹ́ yín nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ pé ó yẹ kí onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ẹ̀kọ́ yẹ ọmọ náà wò, kí ẹ so tábìlì àṣìṣe mọ́ lẹ́tà tí òbí máa gbé lọ.

Ẹ sọ fún ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pé ẹ fẹ́ parí, kó má baà rò pé òun ló ṣẹ̀ yín. Ẹ fi káàdì sílẹ̀ fún un. Fún olùkọ́ kíláàsì, ẹ kọ ojú ìwé kan péré ní èdè tó rọrùn: ohun tí ọmọ mọ̀, ohun tó ṣì ń ṣì, àti ohun tí olùkọ́ lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe láàárọ̀. Olùkọ́ Àkànní lẹ tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìpè-orúkọ. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìlà mẹ́fà lọ, èyí tó gbẹ̀yìn sì ni pé kó má pè é síwájú kíláàsì láti kàwé ṣáájú kí ó tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.